Ìgbà wo ni kí n fi ìyèré sọ́bẹ̀?
Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Kàbà ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyèré lílọ̀ tí mo ń rà lọ́jà kò ta sánsán, nítorí náà mo ra oníhóró, mo yan ṣíbí kan nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré, mo sì jẹ́ kí ó tutù kí n tó gún un. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Àmọ́ nígbà tí mo dà á sínú ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó hó fún ìṣẹ́jú 40, òórùn náà bá ooru lọ, ìkorò ló kù. Ṣé kí n sọ odidi hóró díẹ̀ sí omi ọbẹ̀ ni, kí n fi lílọ̀ sí i nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú 5? Kí ni ẹ sì fi ń mọ̀ pé yíyan ti tó, kí ó tó jó?