Kí ni kí n sọ láàárín ẹkún ìyàwó àti ijó bàtá?
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni atọ́kùn ètò lọ́jọ́ àṣà yunifásítì wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin á sun ẹkún ìyàwó, ijó bàtá ló tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo ní, bí àwọn onílù ṣe ń gbé ìyáàlù àti omele kọ́rùn.

Mo kọ ọ́ báyìí: “Ìyàwó ti tọrọ ìre lọ́wọ́ òbí. Ẹ nu omijé nù, ìlù Ṣàngó ń bọ̀!”

Nígbà tá a dán an wò, ìyáàlù bo ohùn mi, wọn ò gbọ́ orúkọ àwọn oníjó. Ṣé kí n kọ́kọ́ pe orúkọ wọn ni, àbí kí n ki Ṣàngó, kí onílù máa gbè é?