Rẹ́tírò wa ti di ibi ìráhùn lásán. Báwo la ṣe lè rí àtúnṣe gidi níbẹ̀?

Aṣáájú Tíìmù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èèyàn méje la jẹ́ nínú tíìmù wa: márùn-ún ń kọ kóòdù, ẹnì kan ń ṣe tẹ́sítì, èmi sì ni mò ń darí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni sípíríǹtì wa, ìyẹn sáà iṣẹ́ wa kọ̀ọ̀kan, a sì máa ń ṣe rẹ́tírò, ìpàdé tá a ti ń wo bá a ṣe ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ tó bá parí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà là ń tún sọ ṣáá. Wọ́n á ní tẹ́sítì ń pẹ́ jù. Ẹni tó ń ṣe tẹ́sítì á ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń da gbogbo iṣẹ́ dé òun lórí. Tá a bá fẹ́ túká, a ó kọ nǹkan bíi márùn-ún sílẹ̀ pé a máa ṣe: "ká máa tètè sọ̀rọ̀ fún ara wa", "ká máa kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó yé èèyàn". Nígbà tí sípíríǹtì mìíràn bá fi máa parí, kò sẹ́ni tó rántí ohun tá a kọ. Ó ti ń sú àwọn ọmọ iṣẹ́ láti wá. Kí ni kí n yí padà?

Ọmọ Kóòdù
Ẹ má gba ìráhùn láyè mọ́. Ẹni tó bá mú ìṣòro wá, kó mú ojútùú rẹ̀ dání. Ẹ sì kọ orúkọ ẹnì kan sí iwájú gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá pinnu. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, kì í ṣe ti ẹnì kankan.

Olùdarí Rẹ́tírò
Ti orúkọ yẹn dára, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n pé ẹ ò ní gba ìráhùn láyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó mọ ibi tó ń dun òun lè má mọ ohun tó fà á. Tẹ́ ẹ bá ní kó mú ojútùú wá, á kàn dákẹ́ ni, tàbí kó mú èyí tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn wá.

Aṣáájú, ohun méjì ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín. Àkọ́kọ́, nǹkan márùn-ún ti pọ̀ jù. Ẹ mú ẹyọ kan. Èkejì, "ká máa tètè sọ̀rọ̀" kì í ṣe ohun téèyàn lè yẹ̀ wò bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tíìmù kan tí mo bá ṣiṣẹ́, nítorí ìráhùn yín gan-an ni tiwọn: "tẹ́sítì ń pẹ́". A kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dábàá nǹkan kan ná. A ṣí pátákó iṣẹ́ tó ń fi ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dé hàn, a wo ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wọ apá kan àti ọjọ́ tó kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́wàá ló wà nínú sípíríǹtì náà, mẹ́fà nínú wọn ló jẹ́ pé ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe tẹ́sítì. Níbo ni wọ́n wà kó tó dìgbà náà? Wọ́n ti kọ kóòdù wọn tán, wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń dúró kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ń dúró níbẹ̀ tó nǹkan bí ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kì í gbà ju wákàtí kan lọ.

A wá bi ara wa pé kí ló dé. Bí ẹnì kan bá ti parí tirẹ̀, iṣẹ́ tuntun ló ń ṣí, kì í yẹ tẹnì kejì wò. Kí ló dé? Nítorí pé ní ìpàdé àárọ̀, iṣẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń bi í. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe tẹ́sítì rárá.

Ohun kan ṣoṣo la pinnu: bí iṣẹ́ mẹ́ta bá ti ń dúró de àyẹ̀wò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí iṣẹ́ tuntun títí yóò fi dín kù. Ẹnì kan gbà láti máa ṣọ́ ibẹ̀ kó sì mú iye ọjọ́ wá sí rẹ́tírò tó kàn. A kọ ohun tá a ń retí sílẹ̀, pé ìdúró náà kò ní í tó ọjọ́ kan mọ́, àti pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó fi òfin náà sílẹ̀. Ìdúró náà já wá sí nǹkan bí ìdajì ọjọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn yọjú: àwọn kan ń kánjú fọwọ́ sí kóòdù tí wọn ò kà dáadáa, àṣìṣe tó ń dé ibi tẹ́sítì sì pọ̀ sí i. Ìyẹn la wá gbé yẹ̀ wò ní rẹ́tírò kejì, a sì rí i pé iṣẹ́ tó tóbi jù ni wọn kì í fẹ́ kà. A bẹ̀rẹ̀ sí í gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́.

Alábàáṣe
Tiwa tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà wa ló ń ráhùn. Gbogbo ìgbà tá a bá fi iṣẹ́ hàn án ló ń ní ohun tóun fẹ́ kọ́ nìyẹn. Ṣé ká ní kó máa kọ orúkọ sílẹ̀ náà ni?

Olùdarí Rẹ́tírò
Ìpàdé tẹ́ ẹ ti ń fi iṣẹ́ hàn nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni rẹ́tírò. Ohun tẹ́ ẹ kọ́ lẹ̀ ń wò níbẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ là ń wò níbí. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ lọ́tọ̀, màá dáhùn.

Aṣáájú Tíìmù
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Tí ohun tó ń dá wa dúró bá wà lọ́wọ́ tíìmù mìíràn ńkọ́? Àwọn ló ń bójú tó sáfà tá a fi ń ṣe tẹ́sítì, ó sì máa ń kú. Lẹ́yìn náà, ṣé kí n máa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀?

Ojú Tẹ́sítì
Èmi náà ń ṣe tẹ́sítì níbi iṣẹ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ tọkàntọkàn. Bí ọ̀gá bá jókòó síbẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ kì í pọ̀. Ẹ jáde fún ìdajì àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wọlé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yan ohun tí wọ́n máa ṣe.

Olùdarí Rẹ́tírò
Níbí ni èrò tèmi ti yàtọ̀. Ara tíìmù ni Aṣáájú, ẹ̀ṣẹ̀ ibi tí iṣẹ́ ti ń dúró sì lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí kálukú kọ tirẹ̀ sórí bébà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, kí Aṣáájú sì jẹ́ ẹni tó kẹ́yìn láti sọ̀rọ̀.

Ní ti sáfà, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé "kí wọ́n tún un ṣe", torí kò sí lágbára yín. Ẹ máa kọ ọjọ́ tó kú àti wákàtí tó fi kú sílẹ̀ fún sípíríǹtì kan, kí Aṣáájú fúnra rẹ̀ gbé e lọ bá olórí tíìmù yẹn.

Ojú Tẹ́sítì
Bébà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pa nǹkan mọ́. Èèyàn méje péré ni yín, ẹ máa mọ ìkọ̀wé ẹni tó ń ṣe tẹ́sítì. Mo ṣì dúró lórí pé kí Aṣáájú jáde.

Ọmọ Kóòdù
Mo gbà fún yín lórí ìráhùn. Ṣùgbọ́n ibo lẹ̀ ń kọ ohun tẹ́ ẹ pinnu sí? Bó bá wà nínú ìwé ìpàdé, ẹ máa gbàgbé rẹ̀ ni.

Olùdarí Rẹ́tírò
Orí pátákó ni, láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, kẹ́ ẹ sì ka àkókò rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa gbà fún sípíríǹtì náà. Ìwé ìtọ́sọ́nà Sikirọ́ọ̀mù, ìlànà iṣẹ́ tí sípíríǹtì àti rẹ́tírò jẹ́ ara rẹ̀, èyí tó jáde ní 2017, ní dandan ni kí àtúnṣe kan ó kéré tán wọ inú sípíríǹtì tó kàn. Èyí tó jáde ní 2020 kò fi dandan mú un mọ́, ṣùgbọ́n èmi ò tíì fi í sílẹ̀. Òun náà sì ni ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín ní rẹ́tírò tó kàn: ṣé a ṣe é, kí ló sì yí padà? Bí ẹ kò bá tíì dáhùn ìyẹn, ẹ má gba ìráhùn tuntun kankan.

Aṣáájú Tíìmù
Ó dáa. Màá yọ ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wọ apá kọ̀ọ̀kan jáde kó tó di rẹ́tírò tó ń bọ̀. Ní ti kí n jáde tàbí kí n jókòó, màá bi ẹni tó ń ṣe tẹ́sítì wa léèrè lóun nìkan, ká lè mọ èyí tó bá a lára mu.