“Ìdádúró-owó” kọ́ ni kí ẹ kọ sí ìyá ọlọ́jà

Oníṣòwò, Yábà: Jímọ̀ yìí ni ìyá tí mo ń gba ankara àwìn lọ́wọ́ wọn ní Balógun ń retí owó wọn, ṣùgbọ́n kò tíì pé lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdádúró-owó wáyé, mo fẹ́ sún un síwájú.” Ọ̀rẹ́ mi ní yóò bí wọn nínú. Kí ni kí n kọ?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Ìsàlẹ̀ Èkó: “Dá” yẹn ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. “Dá dúró” jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, tí ohun tí a ṣe é sí máa ń bọ́ sáàárín rẹ̀: ẹnìkan ní í dá nǹkan dúró, nítorí náà ohun tí ìyá náà yóò kà ni pé owó wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ kàn mọ̀ọ́mọ̀ dì í mú. Inú mi kì í dùn sí irú ọ̀rọ̀ àdìpọ̀ báyìí, tó ń bo ìdí mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá wa ní Jankara á ní “owó yín pẹ́ lọ́wọ́ mi”, wọ́n á sì sọ ohun tó fà á. Ẹ kọ ọ́ báyìí, kí ẹ fi iye owó, ìdí àti ọjọ́ tiyín rọ́pò èyí tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ:

“Ẹ kú ọjà mà. Nínú ₦240,000 owó ankara, mo ti san ₦150,000, ó ku ₦90,000 tí mo ṣèlérí fún Jímọ̀ yìí. Owó náà pẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí pé àwọn tó kó aṣọ ẹbí ń dúró de owó oṣù wọn. Mo ti fi ₦40,000 ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. ₦50,000 tó kù yóò wọlé kí ó tó di ọ̀sán Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 27 oṣù yìí. Ẹ má bínú mà.”

Ẹ jẹ́ kí àlẹ́ẹ̀tì ₦40,000 náà ṣáájú lẹ́tà, ọjọ́ tí ẹ dá sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìgbà tí owó oṣù àwọn oníbàárà yín máa ń wọlé, nítorí pé ọjọ́ kejì tó bá yẹ̀ ni wọn kì í gbàgbé.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àkókà: Mo fara mọ́ ti “dá”, ṣùgbọ́n “sún síwájú” burú jù ú lọ. Ohun tó ṣáájú ló wà níwájú. Wọn yóò rò pé ẹ fẹ́ tètè san. “Sún sẹ́yìn” ló tọ́.

Olùkọ́: Rárá o. Ìpàdé tí a bá sún síwájú, gbogbo Èkó mọ̀ pé ó di ọjọ́ mìíràn. Àbùkù rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí ni pé kò dárúkọ ọjọ́ kankan.

Elépo, Mushin: Èmi ni ẹni tó ń já epo fún mi ń já kulẹ̀, ta ni yóò kọ lẹ́tà sí mi? Ẹ pe ìyá náà lórí fóònù kí ẹ tó kọ nǹkan kan. Ó sì dára tí ẹ kọ Jímọ̀, nítorí pé ìyá mi kì í fi àdéhùn owó sí Ẹtì: ohun tó bá tì, ó tì.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ọjọ́ kan náà kọ́ ni?

Elépo: Ọjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹ bá fi pè é ni wọn yóò gbọ́.

Olùkọ́: Àwọn tí mo bá lọ́jà ń dá ọjọ́ owó sí Ẹtì, wọ́n sì ń san án.

Elépo: Ìyá tèmi kì í dá a, ẹ̀yin sì kọ́ lẹ kọ́ mi lówò.