Ọṣẹ tí mo fi òróró àlòkù ṣe kò le
Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Òróró tí àwọn alákàrà àdúgbò wa n'Ìbàdàn ti lò ni mo ń gbà. Mo fi aṣọ sẹ́ kílò 1, mo da gíráàmù 135 kọ́sítíìkì sínú gíráàmù 330 omi, mo sì rò wọ́n pọ̀ títí ó fi ki. Ọ̀sẹ̀ 3 rèé, ọṣẹ náà ṣì rọ̀, òróró ń yọ lójú rẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ni mo fi ṣe ti òróró tuntun, ó sì le dáadáa. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ọ̀rá kọ́sítíìkì ti wà ní ṣíṣí, ó ti dì mọ́ra. Ṣé òun ló ti fa omi, tí agbára rẹ̀ dín kù, àbí omi ẹ̀wà ló kù nínú òróró? Ṣé mo lè tún èyí tó rọ̀ yìí sè?