«Gánà dà?»: Bí mo ṣe di agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ oníbíṣíkíìtì láìmọ̀

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Ìbàdàn. A máa ń fi díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ ra ṣíà, èmi ni wọ́n sì yàn pé kí n máa ka ìjábọ̀ ọdọọdún ilé-iṣẹ́ tí a bá ń wò, kí n kó kókó rẹ̀ sí ojú ewé kan fún ìpàdé. Ìṣirò owó kì í fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ètò wọn, ibi tí wọ́n ń lọ àti bí wọ́n ṣe fẹ́ débẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀.

Ní 2023 mo ka ìjábọ̀ ọdún 2022 ti ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bíṣíkíìtì. N kò ní dárúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ wọn lọ báyìí, bí mo ṣe lè yí i sí Yorùbá: «A ti wà ní ipò tó dára láti mú kí àwọn ọjà wa tí gbogbo ayé fẹ́ràn tàn dé Gánà.» Mo gé «tí gbogbo ayé fẹ́ràn» dànù, inú mi dùn pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìpolówó, mo wá kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ pé: «Wọ́n ti gbé ọjà wọn dé Gánà.»

Màmá aláṣọ òkè kan láàárín wa ka èyí, ó fi owó ara rẹ̀ ra ṣíà wọn lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ ra tirẹ̀. Nígbà tí ọdún yí po, ó dìde ní ìpàdé, ó ní «Akọ̀wé, Gánà dà?» Mo padà lọ yẹ ìwé náà wò. Kò sí Gánà kankan. Wọn ò tíì lọ, wọn ò tíì ya owó sọ́tọ̀. «Wọ́n wà ní ipò tó dára láti lọ» ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé wọn kọjá ibodè.

Ta ló ti ṣe irú èyí rí, báwo lẹ sì ṣe ń ṣe é nísinsìnyí?

Ọmọ Akọ́mọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi ṣì wà ní yunifásítì, àmọ́ olùkọ́ wa ti fún wa ní irú iṣẹ́ yìí. Ó rọrùn. Ẹ pa gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe rẹ́: «tó lágbára», «aṣáájú», «ìgbàlódé», «tí kò láfiwé». Ohun tó bá ṣẹ́kù, òun ni òótọ́. Mo gba máàkì tó dára fún un.

Bàbá Ọ́dítọ̀

Ọmọ mi, ìdajì ni o gbà. Wo ohun tí akọ̀wé ṣe: ó pa ọ̀rọ̀ àpèjúwe rẹ́, irọ́ ṣì jáde. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìpolówó sábà máa ń bá sá. «A mú agbára wa gbòòrò», «a jinlẹ̀ sí i nínú ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú oníbàárà», kò sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan níbẹ̀, síbẹ̀ n kò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọ̀rọ̀ àpèjúwe mìíràn jẹ́ òótọ́. Bí wọ́n bá kọ «ilé ẹ̀rọ kejì», tí o pa «kejì» rẹ́, o ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ọdún púpọ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọ́dítọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń ka ìjábọ̀ kì í rò: ìwé tí ọ́dítọ̀ fọwọ́ sí, ìṣirò owó àti nóòtì rẹ̀, ìyẹn àlàyé tó tẹ̀lé ìṣirò náà, ló wà fún. Ọ̀rọ̀ ètò tó wà níwájú, kíkà la máa ń kà á, kí a rí i bóyá ó tako ìṣirò tàbí ohun tí a mọ̀. A kì í jẹ́rìí sí i. Nítorí náà ìwé kan náà ni, àmọ́ ìlẹ̀kùn méjì ló ní, ẹni tó kọ ti iwájú kò sí lábẹ́ ìṣọ́ tí ẹni tó kọ ti ẹ̀yìn wà.

Akọ̀wé, ṣé o ní ìjábọ̀ ọdún 2023 wọn? Yan ìpínrọ̀ kan kí o gbé e wá síbí.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, dífídẹ́ǹdì mi láti ọdún mẹ́rin kò tíì wọ báńkì. Ṣé ibi ètò yẹn ni wọ́n máa kọ ọ́ sí?

Bàbá Ọ́dítọ̀

Rárá o, ìyá wa. Ẹ lọ bá rẹ́jísírà ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ gba fọ́ọ̀mù tí yóò so ṣíà yín mọ́ àkáǹtì báńkì yín. Ọ̀rọ̀ míì la ń sọ níbí.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Bàbá, òun rèé. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀: «Ní ọdún 2023 a tẹ̀síwájú nínú ìrìn-àjò ìyípadà wa. A mú agbára ìpèsè wa gbòòrò, a ṣe àtúntò òṣìṣẹ́ wa kí a lè tètè máa dáhùn sí ọjà, owó tó wọlé sì dàgbà pẹ̀lú ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó fi hàn pé àwọn oníbàárà fọkàn tán wa.»

Bí mo bá kékúrú rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, màá kọ pé: «Wọ́n mú agbára ìpèsè gbòòrò, wọ́n tún òṣìṣẹ́ tò, owó wọn dàgbà.» Mo mọ̀ pé kò tọ̀nà, àmọ́ n kò mọ ibi tí mo ti máa gbá a mú.

Bàbá Ọ́dítọ̀

Ó dáa. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn náà. Mú ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, kí o bi í pé: bí èyí bá jẹ́ òótọ́, níbo nínú nóòtì ni yóò ti fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀?

«Agbára ìpèsè gbòòrò.» Ẹ̀rọ ni ìyẹn. Lọ sí nóòtì dúkìá, níbi tí wọ́n ti to ilé, ẹ̀rọ àti ọkọ̀. Wo iye tí wọ́n fi kún ẹ̀rọ lọ́dún yẹn, kí o wo òpó tí wọ́n ń kó iṣẹ́ tí kò tíì parí sí. Bí owó bá kúrò nínú òpó yẹn bọ́ sí ti ẹ̀rọ, nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá ṣì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Lẹ́yìn náà wá nóòtì tó sọ owó tí wọ́n ti ṣàdéhùn láti ná ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì ná.

«Àtúntò òṣìṣẹ́.» Ìjábọ̀ ilé-iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà sábà máa ń ní tábìlì tó ka iye òṣìṣẹ́ àti bí owó wọn ṣe ju ara wọn lọ. Fi ọdún méjèèjì wé ara wọn.

«Owó dàgbà.» Nọ́ńbà nìyí, kì í ṣe ìpolówó, ìdí tí wọ́n so mọ́ ọn ni ìpolówó. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ka ìṣirò sọ pé ní oṣù Kejìlá 2023, owó ọjà ti fi ìdá 28.92 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹni tó ta bíṣíkíìtì iye kan náà, tó sì kàn fi owó lé e, owó rẹ̀ yóò dàgbà. Tọ́ọ̀nù ni kí o wá.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a. Mo ní kí n sọ ohun tí mo bá.

Ní nóòtì dúkìá, bílíọ̀nù 3.2 náírà kúrò nínú òpó iṣẹ́ tí kò tíì parí, ó bọ́ sí ti ẹ̀rọ. Nóòtì tó sún mọ́ ọn sọ pé ìlà ẹ̀rọ kan ni, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá. Ìlà kan. Mo ṣí ìjábọ̀ 2022, mo tẹ Ctrl+F, mo wá ọ̀rọ̀ náà: ìlà mẹ́ta ni wọ́n ṣèlérí pé yóò parí kí 2023 tó tán! Ti 2023 kò sọ ohun kan nípa méjì yòókù. Wọn ò sọ pé ó pẹ́, wọn ò sọ pé wọ́n fagi lé e. Ó kàn pòórá.

Òṣìṣẹ́: 812 ní 2022, 690 ní 2023. Ní ti tọ́ọ̀nù, lẹ́tà alága fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní ojú ewé kan tí n kò kà tẹ́lẹ̀ nítorí àwòrán ńlá tó bò ó, pé iye tí wọ́n tà dín díẹ̀.

Mo wá kọ èyí: «Ìlà ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2023, ó gba bílíọ̀nù 3.2 náírà. Ìjábọ̀ 2022 ti ṣèlérí mẹ́ta. Ti 2023 kò mẹ́nu kan méjì tó kù. Òṣìṣẹ́ dín láti 812 sí 690. Owó tó wọlé fi ìdá 24 lé sí i, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù tí wọ́n tà dín, nítorí náà owó tí wọ́n fi lé ọjà ló gbé e. Wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ wọ Gánà. Wọn ò sọ ìgbà, wọn ò sì ya owó kankan sọ́tọ̀ tí mo lè rí.»

Àbúrò Lẹ́ẹ̀dì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Níbi tí mo wà ní Lẹ́ẹ̀dì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú iṣẹ́ yìí ni mo ń jẹ. Òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 2006 níbí fi dandan lé e pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe kékeré kọ ìjábọ̀ ètò, kí ó sì kan ewu tó ń dojú kọ wọn. Èmi máa ń lọ sí ibi ewu yẹn ṣáájú ibi ètò. Ohun tí wọ́n pè ní àǹfààní lójú ewé kẹwàá, ẹ máa rí i pé wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ lójú ewé ogójì.

Àmọ́ mo ní àríyànjiyàn díẹ̀. Ọ̀gá mi dá irú ìkékúrú bẹ́ẹ̀ padà fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ìkékúrú abala ètò ni òun ní kí n ṣe, pé mo ti kó nóòtì àti ìjábọ̀ ọdún tó kọjá wọ inú rẹ̀, mo ti di agbẹ́jọ́rò tó ń ta ko wọn. Bí ẹ bá kọ «ó kàn pòórá», ṣé ìpolówó òdì kọ́ nìyẹn?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

N kò kọ «pòórá» sínú ti ẹgbẹ́ o, àbúrò. «Kò mẹ́nu kan» ni mo kọ.

Bàbá Ọ́dítọ̀

Ọ̀gá rẹ kò burú. Ṣùgbọ́n bí o bá dúró sínú abala yẹn nìkan, kò sí ohun tí o lè kọ ju «wọ́n ní» lọ. Èmi á fi «wọ́n ní» sí ìpínrọ̀ kan, ohun tí nóòtì sọ sí ìkejì, kí ẹni tó ń kà rí ààlà. Ohun kan ni n kò fara mọ́ nínú ti akọ̀wé: «owó tí wọ́n fi lé ọjà ló gbé e». Ìwọ lo parí èrò yẹn, kì í ṣe ìwé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ta èyí tó wọ́n ju èyí tó pọ́ọ́kú lọ.

Ọmọ Akọ́mọ́ọ̀sì

Bàbá, tí tọ́ọ̀nù bá dín tí owó sì ga, kí ló tún kù?

Bàbá Ọ́dítọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ni. Irú ọjà tí wọ́n tà lè yí padà. Tún un kà.

Àbúrò Lẹ́ẹ̀dì

Mo gbìyànjú ìpínrọ̀ méjì yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá mi gé ìkejì kúrò. Oníbàárà wa pe wa lórí fóònù, ó bèèrè pé ṣé a ní nóòtì kankan lórí àwọn ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá kò tíì dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Mo ti yọ «owó tí wọ́n fi lé ọjà ló gbé e» kúrò. Mo kà á ní ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Màmá aláṣọ òkè gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wọ awò, ó fi ìka tẹ̀lé e títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ó ní, «Wọ́n *fẹ́*. Ó dáa. Lọ́tẹ̀ yìí o kọ ‹fẹ́›.» Kò tà ṣíà rẹ̀ o.