Wọ́n ní àwọn ń wò ó láti kẹ́kọ̀ọ́, àkọsílẹ̀ wọn ń sọ nǹkan mìíràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Yaba níbí, iṣẹ́ àṣejáde mi dá lórí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pẹ́ lórí TikTok. Tíọ́rì Katz, Blumler àti Gurevitch ni mo dì mú: pé òǹwòran ló ń fúnra rẹ̀ yan ohun tó máa tẹ́ àìní rẹ̀ lọ́rùn, ó sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fúnni.

Ibẹ̀ gan-an ni mo há sí. Nínú 40 tó dáhùn ìwé ìbéèrè mi, 31 ló fi "láti kọ́ nǹkan" ṣáájú. Mo wá ní kí 6 nínú wọn máa kọ ohun tí wọ́n ń wò sílẹ̀ fún ọjọ́ 5. Ọ̀kan ṣí fóònù láago 9 alẹ́ torí ìṣirò kan. Ìṣẹ́jú 4 ló fi rí i. Aago 11:20 ló tó gbé fóònù sílẹ̀! Ó kọ ọ́ pé: "Iná ti lọ, mi ò wá nǹkan kan mọ́."

Mo gbé e sórí ìyàtọ̀ tí Rubin ṣe ní 1984, láàárín wíwò tó ní ète àti èyí tó ti mọ́ni lára. Kò bá a mu, torí ìjókòó kan ṣoṣo yìí ní méjèèjì nínú. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n yọ ọ́ kúrò, àmọ́ òun gan-an ló dùn jù nínú ohun tí mo rí.

Mo fẹ́ máa béèrè ohun tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó ṣí i, àti ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn rẹ̀, kí n wo àlàfo àárín wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀, ibo lẹ ń ka ìjókòó kan dé: ìgbà tó rí ohun tó wá ni, àbí ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀?