Spec cPL ajá mi jẹ́ 310: kí ló kàn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin dókítà ẹranko. Ṣínáúsà mi, ọmọ ọdún 8, jẹ awọ ẹran ọlọ́ràá níbi ìnáwó; lọ́jọ́ kejì ó ń bì, ikùn ń dùn ún. Spec cPL rẹ̀ jẹ́ 310 µg/L: ó ju 200 lọ, kò sì dé 400 tí wọ́n fi ń gbà pé páńkíríàsì ti wú. Omi àti oògùn èébì ti mú ara rẹ̀ balẹ̀. Ọ̀rá máa ń pọ̀ lẹ́jẹ̀ irú ajá yìí, mo sì kà pé ásíìdì tó ń jáde nígbà tí páńkíríàsì bá ń tú ọ̀rá náà ló ń pa á lára. Ṣé kí n tún cPL ṣe, àbí kí n kọ́kọ́ yẹ ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí 12 láìjẹun, kí n tó pinnu bóyá oúnjẹ aláìlọ́ràá ni yóò máa jẹ títí ayé?